Àgbo Aláàyù tí Nọ́ọ̀sì Gbé fún Ìyá Rẹ̀

Ẹnu tí nọ́ọ̀sì yìí fi ń kìlọ̀ fún àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n má mu àgbo mọ́ oògùn ló fi polówó àgbo aláàyù fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó rántí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìyá dì, ojú gbà á tì. Kò lè pè é, lẹ́tà ló kọ:

“Ẹ má mu àgbo yẹn mọ́, mà. Ó lè bá oògùn yín jà, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára yín. Ẹ gbé ìgò náà han dókítà. Ẹ sọ pé èmi ni mo gbé e fún yín.”

Ìyá kà á tán, ó pè é.

“Ọjọ́ tí o gbé e dé ni mo ti fi han dókítà. Mi ò fẹnu kàn án.”

“Ṣebí ó ń dín kù nínú ìgò, mà?”

“Mò ń dà á nù díẹ̀díẹ̀ ni, kójú má baà tì ọ́.”