Kẹ̀kẹ́ Oníná Tí Ayọ̀níkẹ́ Ní Kí N Rà

Mówè ni mò ń gbé, Ìbafò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Ọ̀nà yẹn ò jìn rárá, àmọ́ ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ létí márosẹ̀ láàárọ̀ ló mọ ohun tójú ń rí. Ọdún 2008 nìyẹn. Mo ti pẹ́ títí, Mọ́mì tó ni ilé-ìwé wá kìlọ̀ pé bí mo bá tún pẹ́ pẹ́nrẹ́n, òun á gbé kíláàsì mi fún ẹlòmíì. Kíláàsì yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ mi.

Ayọ̀níkẹ́ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Mùsáfírù tó ń ta kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà tòkunbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni Ayọ̀níkẹ́, Ifọ̀ la ti jọ dàgbà. Ẹja inú yìnyín ló ń tà ní Ìbafò. Mùsáfírù gbé oríṣi mẹ́ta jáde, ó ní kí n gùn wọ́n wò.

Mo kọ́kọ́ gun sikútà oníná, èyí tí wọ́n ń dúró lé lórí. Ó rẹwà o, àmọ́ táyà rẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Kòtò kékeré kan báyìí, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu gbálẹ̀. Abẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ wà, kò ṣeé yọ. Gbogbo sikútà lèèyàn máa gbé lọ síbi tí iná bá wà. Ọ̀kadà kékeré ló yá jù, epo rẹ̀ sì wà níbi gbogbo, kò fi ti NEPA ṣe. Àmọ́ páìpù èéfín rẹ̀ jó mi lẹ́sẹ̀, mo figbe ta. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín mi dọ́ba.

"Wúràọlá, kẹ̀kẹ́ oníná ni kó o rà," Ayọ̀níkẹ́ sọ. "Irú tèmi gan-an ni. Bátìrì ẹ̀ ṣeé yọ. Tíná ẹ̀ bá tán lọ́nà, wàá fẹsẹ̀ wà á délé."

"Níbo ni màá ti rí iná ṣájì ẹ̀? Tí mo bá ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀, kí n kúkú ra ọ̀kadà."

"Ṣé jẹnẹrétọ̀ tèmi lè kú lọ́sàn-án, kí ẹja mi rà? Máa gbé e wá láàárọ̀, kó o máa mú un tó o bá ti ṣíwọ́. Kí ni mo wà fún?"

Mo gbà á gbọ́, mo sì ra kẹ̀kẹ́ náà. Ta ni màá gbà gbọ́ bí kì í bá ṣe òun? Fún oṣù bíi mélòó kan, ayé dẹ̀ mí lọ́rùn. Màá já bátìrì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá dé ilé-ìwé kí aago tó lù.

Lọ́jọ́ kan, mo gba bátìrì lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń tì í mọ́ kẹ̀kẹ́ wọ ihò ara bátìrì, àmọ́ kò yí. Ayọ̀níkẹ́ ní iyanrìn ló wọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà ti dé. Iná ara ṣájà á sọ pé ó ti kún, àmọ́ bí mo bá ti fún un níná lórí òkè, ọwọ́ ìwọ̀n tó ń fi iná inú bátìrì hàn á já wálẹ̀ fìrì. Tí mo bá dẹwọ́, á tún gòkè. Mo sọ fún Ayọ̀níkẹ́. Ó ní mo ti sanra ni. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín!

Ọjọ́ Ajé kan ni kẹ̀kẹ́ kọṣẹ́ pátápátá. Mo fẹsẹ̀ wà á títí òógùn fi bò mí, mo bá olùkọ́ mìíràn níwájú kíláàsì mi. Mọ́mì ò tiẹ̀ bá mi jà. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà lọ, kí n lè ráyè sunkún. Ó ń bá oníbàárà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn, bátìrì wà lára rẹ̀, wọn ò tì í. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ̀ ọ́. Ó yí wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ bátìrì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Háà! Mo já wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ bá a. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

"Ayọ̀níkẹ́, bátìrì mi lò ń lò?"

Ó jẹ́wọ́. Iná bátìrì tirẹ̀ ló ti tán pátápátá, tó sì pa á tì bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi lọ sí Ifọ̀. Nígbà tó máa fi dé, kò gba iná dáadáa mọ́, ló bá fi pààrọ̀ tèmi. "Èmi ń gbé ọmọ sẹ́yìn, Wúrà. Ìwọ lè fẹsẹ̀ wà á. Mo rò pé o ò ní mọ̀."

"Wọ́n ti gba kíláàsì mi!"

"Ó mà ṣe o," ló wí, ó sì yíjú sí oníbàárà rẹ̀.

Mo yọ bátìrì mi, mo ju tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo kọjú sí Mówè. Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọwọ́ ìwọ̀n fi já wálẹ̀. Ó ti lo tèmi náà bó ṣe lo tirẹ̀, ó ti bà á jẹ́.

Ní báyìí, ó ti ń sọ káàkiri Ìbafò pé mo jí bátìrì òun gbé. Wọ́n sì gbà á gbọ́.