Géèjì Kò Mọ Ohun Tó Wà Nínú Táńkì

Ìyà tó wà nínú kí obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ni pé agbára rẹ̀ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí à ń wí yìí lè pàṣẹ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé kó yí ìdí kó gba abẹ́rẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá á sì yí i. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ọkọ ló jẹ́ fún un. "Ẹ" ló ń pè é. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Adúmáadán ló sọ ọ́, nítorí pé ó dúdú, ó sì ń dán bí ẹni tí wọ́n fi epo ẹ̀ńjìnnì pa lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, epo ẹ̀ńjìnnì náà ni lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Adúmáadán wọ yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì. Ó gbé apá lé ìyàwó rẹ̀ léjìká, ó ń ta gbọ̀ngbọ̀n bí ọ̀mùtí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi!" ló ké sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá wò ó bóyá iṣẹ́ lo wá ṣe níbí tàbí oorun."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Kí ló ṣe yín?"

"Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀. Ìyàwó mi kejì yìí ló sọ ọ́ di ẹjọ́."

Ìyàwó rẹ̀ já apá rẹ̀ kúrò léjìká. "Ìyálé mi, ẹ má dá a lóhùn. Nígbà tí òjò dé, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù méjèèjì pa kí omi má baà wọlé. Ó wá tan mọ́tò oníbàárà kan sílẹ̀ nínú ibẹ̀, ó ní òun ń wá ibi tí ariwo kan ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti bì, ó jókòó sílẹ̀, ó ń bá táyà sọ̀rọ̀."

"Táyà ló kọ́kọ́ kí mi," ni Adúmáadán wí.

Nọ́ọ̀sì mú un lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ránṣẹ́ pe dókítà. Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbọ́ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀jẹ̀ lápá aláìsàn, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn tí kò lábùlà sí i nímú lójú ẹsẹ̀.

"Gáàsì inú èéfín mọ́tò ni," ló sọ fún nọ́ọ̀sì. "Kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Tó bá padà sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lónìí, tó tún ti ilẹ̀kùn, a lè má tún rí i bá ṣàwàdà mọ́."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n sáré wá pè é pé aboyún kan ti ń rọbí ní yàrá kejì. Ó lọ. Ó ku nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kékeré àti ìyàwó ọkọ náà.

Adúmáadán gba ìbòmú ọ́síjìn, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó fi bo orúnkún. "Orúnkún mi ló ń mí pọ̀. Oníbàárà ń bọ̀ wá gba mọ́tò rẹ̀ lónìí, mo sì ti mọ ibi tí ariwo yẹn wà. Mo ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ fi sí imú."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé èémí mi kò lọ dáadáa ni?"

Ó nawọ́ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan lórí tábìlì, ó fẹnu sí i, ó fẹ́ ẹ títí ìka márààrún fi dìde gan-an bí ogbe àkùkọ. Ó so ó nídìí, ó fi lé orí ìyàwó rẹ̀. Arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ti ní kó má rẹ́rìn-ín nítorí ojú iṣẹ́ abẹ tó wà níkùn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn náà mú.

"Ẹ̀dọ̀fóró tó ṣe báyìí, ó ń ṣàìsàn?" ni Adúmáadán bèèrè.

"Rárá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀dọ̀fóró yín le koko. Òun gan-an ló fi gbogbo agbára fa májèlé yẹn wọlé."

"Ó dáa. Gbé alákàn yẹn wá."

Alákàn ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré tó máa ń gé ọmọ ìka mú, tó sì ń sọ iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò fẹ́ gbé e wá, nítorí ó mọ ohun tí yóò sọ. Adúmáadán na ọwọ́ gígùn, ó mú un fúnra rẹ̀, ó sì tì í bọ ìka. Alákàn náà tanná, ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ jáde: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

"Kí gbogbo ayé wá wò ó!" Adúmáadán gbé ìka sókè. "Ìyàwó mi, mú ìka tìẹ náà wá."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tutù, torí omi tútù ló ti fi ń fọ̀ ọ́ láti àárọ̀. Alákàn ṣíwọ́, ó ṣẹ́jú, ó ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Arúgbó ẹ̀gbẹ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ dìde fún un o! Nọ́ọ̀sì ló ni bẹ́ẹ̀dì!"

"Sùn síbí, aya mi," ni Adúmáadán wí, ó ń gbọn bẹ́ẹ̀dì fún un. "Èmi ni n óò tọ́jú rẹ." Ó ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó ń fi í wá bàtà. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nọ́ọ̀sì rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò ní ran èyí, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ kò sí lẹ́nu òun. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó lọ. Bí wọ́n bá bu omi mọ́ epo bẹntiróòlù nínú táńkì mọ́tò, kí ni géèjì máa sọ?"

Adúmáadán dúró. Mẹkáníìkì wo ni wọ́n bi ní ìbéèrè mọ́tò tó ráyè lọ? "Á ní táńkì kún. Géèjì kò mọ omi yàtọ̀ sí epo. Pé nǹkan kún ibẹ̀ ló mọ̀."

"Mọ́tò náà ńkọ́?"

"Á kú sójú títì."

"Alákàn yín nìyẹn. Iná ló ń tàn sínú ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ló ń wò. Ohun pupa kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, ìjókòó mẹ́rin-mẹ́rin ló ní. Bí ọ́síjìn bá jókòó, á pọ́n. Bí gáàsì èéfín yìí bá jókòó, á pọ́n náà. Alákàn rí i pé ìjókòó kún, ó ń pàtẹ́wọ́. Kò mọ ẹni tó jókòó."

"Kí ọ́síjìn lé e dìde."

"Ìdìmú gáàsì yìí ju ti ọ́síjìn lọ ní ìgbà igba. Tó bá jókòó, ó di àna ẹni tó wá kí ni, tí kò mẹ́nu ba ilé mọ́. Èyí tó tún burú ni pé bó bá jókòó sí ọ̀kan, ọ́síjìn tó wà nínú àwọn ìjókòó yòókù á di ìjókòó mú gbọin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé inú ọpọlọ, dé inú ọkàn, kò ní fẹ́ sọ̀ mọ́. Ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ebi sì ń pa onílé."

Adúmáadán fọwọ́ pa iwájú orí. "Irọ́ ni. Tí ọ́síjìn kò bá tó mi, ṣebí màá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá."

"Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó pariwo wà níbí," nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í wo inú ìjókòó. Ọ́síjìn díẹ̀ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lásán nínú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Ìyẹn kò dín, torí ẹ̀dọ̀fóró yín kò dẹ́kun iṣẹ́. Nítorí náà ẹ̀ṣọ́ jókòó, ó ń họ etí. Ẹ ń mí bí ọmọ ọba, ara yín sì ń kú fún ọ́síjìn."

"O lẹ́nu o. Ìwé lo ń kà sí mi létí." Ó ti rí bàtà kan.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí irin gíga tí wọ́n ń gbé àpò omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kọ́. Bóòtù kan wà níbẹ̀ tí nọ́ọ̀tù rẹ̀ kì í dúró. Ó tú u jáde, ó gbé méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́ Adúmáadán.

"Ó dáa, ọkọ mi. Ẹ bá mi wé nọ́ọ̀tù yìí mọ́ bóòtù. Bí ẹ bá wé e, èmi fúnra mi ni n óò gbé bàtà kejì wá, n óò sì wọ̀ ọ́ fún yín níwájú gbogbo èèyàn."

Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń wé nọ́ọ̀tù. Ó lè wé e lábẹ́ mọ́tò, nínú òkùnkùn, tó bá ń jẹun lọ́wọ́.

Ó mú bóòtù lọ́wọ́ kan, ó mú nọ́ọ̀tù lọ́wọ́ kejì. Nọ́ọ̀tù náà kan bóòtù, ó yẹ̀. Ó tún gbé e. Ó yẹ̀. Ó sún un mọ́ ojú, ó yọ ahọ́n síta. Ìka rẹ̀ ń lọ sápá òsì nígbà tó rán an sápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀tù bọ́, ó yí gbirigbiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Arúgbó ẹ̀gbẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ mú un wá fún un, ó tún gbìyànjú, ó tún bọ́.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ olè.

"Ẹ dákun," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ bá mi fi nǹkan yẹn sí imú."

Nọ́ọ̀sì fi í sí i. Ó fa okùn rẹ̀ le dáadáa. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé lẹ́yìn náà: nínú ìjókòó mẹ́wàá, gáàsì ti gba bíi mẹ́ta. Dókítà kà á, ó ní bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló fẹ́ lé gáàsì yìí, yóò pẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọ́síjìn tí kò lábùlà ló ń tì í kúrò níkọ̀ọ̀kan kíákíá, títí èèyàn á fi mí in síta. Ó yẹ ọkàn Adúmáadán wò. Ó ní kó sun ibẹ̀, kó sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, torí ọpọlọ tí ebi ọ́síjìn ti pa lè ṣe bí ẹni pé ó ti gbàgbé, kó tún wá sin gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, nọ́ọ̀sì lọ kí i kó tó lọ sílé. Orí kò fọ́ ọ mọ́. Irin tí wọ́n ń gbé àpò omi kọ́ dúró ṣánṣán, nọ́ọ̀tù wà lórí bóòtù rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó máa ń han goorogo ti dákẹ́. Dúróà tábìlì tí kì í ṣí láti ọdún tó kọjá ń ṣí.

"Ìyàwó mi," ni Adúmáadán wí láti inú ìbòmú, "ilé ìwòsàn yín ń ṣàìsàn jù mí lọ."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi. Ẹ pè mí ní 'ẹ' lónìí."

"Èmi? Gáàsì ló sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí òjò tún rọ̀, nọ́ọ̀sì yà ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kékeré láti ṣọ́ ọ wò. Kò rí ilẹ̀kùn tó fẹ́ wò bóyá ó ṣí. Adúmáadán ti tú ilẹ̀kùn méjèèjì kúrò lára ògiri, ó ti fi wọ́n ṣe tábìlì iṣẹ́. Mọ́tò kan ń dún níta lábẹ́ tapólì, omi ń ṣàn gba àárín ṣọ́ọ̀bù kọjá, òun sì dúró nínú rẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún.

"Kí ló dé tí ẹ kò kàn ṣí i sílẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Mo mọ ara mi," ló dáhùn. "Tí òjò bá dé, màá tì í."