Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ọ̀gá Kọ̀ láti Ṣí

Nǹkan ẹlẹ́yà gbáà ni ọgbọ́n tí Olúgbénga, ọ̀gá àgbà ilé ìwé aládàáni kan ní àdúgbò Ọ̀rányàn, dá lọ́jọ́ Fúráìdé yẹn. Fóònù rẹ̀ dún, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Karimat, tíṣà kíláàsì kẹfà, kọ sí i lórí wasáàpù sì yọ lójú fóònù náà: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ní kí n fi tó yín létí pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà mi..."

Karimat ló ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún kọ́mọ́n ẹ́ńtíránsì, òun sì ti fọ́nnu fún Alhaja tó ni ilé ìwé pé gbogbo wọn ló máa yege. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ipò ọ̀gá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíràn ì bá pe ọmọbìnrin náà kó bẹ̀ ẹ́. Olúgbénga kẹ̀? Ó ní òun ò ní ṣí i. Bí máàkì méjì tó ń fi hàn pé èèyàn ti kà á kò bá ti di búlúù, òun ò gbọ́. Bí òun ò bá sì gbọ́, kò sẹ́ni tó ń lọ. Ẹ wo orí tí wọ́n fi ṣọ̀gá tíṣà!

Ó tún ń bínú: "Orí wasáàpù! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dágbére fún àgbà nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Karimat wá a dé ọ́fíìsì lọ́sàn-án, àgbà ọ̀hún gbé fóònù tí kò dún sétí, ó ń kígbe "Hẹ̀lóò! Hẹ̀lóò!" títí ó fi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Odindi ọkùnrin onítáì! Inú rẹ̀ dùn di ọjọ́ Sọ́ńdè. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní Mọ́ńdè, Alhaja ránṣẹ́ pè é. Karimat wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì wà lórí tábìlì. Oṣù kan ló fún wọn, bí àdéhùn ṣe wí. Oṣù náà yóò pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò.

"Olúgbénga, ṣé o gbọ́ sí èyí?"

"Rárá o, mà. Bí mo ṣe ń gbọ́ nìyí."

"Ó ní òun kọ ọ́ sí ẹ lórí wasáàpù, pé o sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá fún òun. Ṣí i, kà á sí mi létí."

Ó ṣí i. Ó kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀: "Lẹ́tà mi ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ibi iṣẹ́ tuntun tí mo ń lọ ní kí n mú ọjọ́ tó bá wù mí láti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dúró káwọn ọmọ ṣèdánwò tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Sọ́ńdè tó parí, kí n lè kọ ọjọ́ náà sínú lẹ́tà."

Ọkùnrin tí kì í sọ "ẹ" sí tíṣà kankan wá yí padà. "Àǹtí Karimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

"Ẹ má bínú, sà. Mo retí yín títí. Mo ti fún ibi iṣẹ́ tuntun náà lọ́jọ́."

Alhaja ká lẹ́tà náà. "Tó bá ti lọ, ìwọ lo máa wọ kíláàsì ọ̀hún. Lọ́jọ́ táwọn òbí bá wá bèèrè èsì, màá ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn pa."