Orúkọ Òkú Lára Ògiri

Nígbà tí Àwáwù ọmọ Ògúndèjì kó ẹrù rẹ̀ dé láti Àbíjàn, ẹnìkan ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ìyá, Bàbá Jẹ́ẹ́dé ni ó fún mi ní ibí. Mo ti san owó ọdún kan." Àwáwù jókòó lé orí àpótí aṣọ rẹ̀ níwájú ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ṣakí. 

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fi ta aṣọ ní Àbíjàn lẹ́yìn tí wọ́n lé òun àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn kúrò ní Gáná. Kò jẹun bí ẹgbẹ́, kò wọṣọ bí ẹgbẹ́. Owó tí ó ń kó jọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí Ràmọ́nì, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè ra ilẹ̀ kí wọ́n sì kọ́lé sí i. Bí a bá pín owó ilé náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà méjì ni Àwáwù dá, Ràmọ́nì dá ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù kan àti yàrá kan níbẹ̀ ni ó fẹ́ fi gbẹ́mìí ró ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Jẹ́ẹ́dé tí ó wá fi atúnrédíòṣe sínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ bàbá wọn ni, ọmọ ìyáálé. Kò dá kọ́bọ̀. Kò ru bíríkì kan.

Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, Àwáwù fúnra rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 1975, ọjọ́ tí wọ́n san owó ilẹ̀, ó wálé, òun àti Ràmọ́nì sì lọ bá akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Àdìgún, tí ń kọ ìwé fún ará ìlú lábẹ́ igi ẹ̀bá kóòtù. Àdìgún ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì síbẹ̀, kí n kọ ìpín olúkúlùkù, kí ẹ tẹ̀ka sí i."

Àwáwù fara ya. "Èmi àti ọmọ ìyá mi? Ọmú kan náà ni a mu! Orúkọ bàbá wa ni kí o kọ. Ọdún mẹ́fà ti kọjá tí Ògúndèjì ti kú, kò ní ilé. Kí ayé mọ̀ pé ó bímọ."

Àdìgún fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó ní, "Ìyá Sẹ́fíù, òkú kì í ra ilẹ̀ o."

"Akọ̀wé, ìwé ni mo ní kí o kọ. Mi ò ní kí o gbà mí nímọ̀ràn."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé parí, Àwáwù tún ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n sí iwájú ilé, lẹ́tà ńlá ńlá: ILÉ ÒGÚNDÈJÌ. Ó sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni bá rí i lọ́jọ́ náà yóò rò pé bàbá náà ni ó jí dìde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ Àwáwù, lẹ́yìn ìrun, Mọ́gàjí agboolé pe gbogbo wọn jókòó. Jẹ́ẹ́dé kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ilé Ògúndèjì ni ó wà lára ògiri. Ta ni ọmọ Ògúndèjì? Èmi ni àkọ́bí. Obìnrin méjì ni bàbá wa fẹ́, ìdí igi méjì. Ìdajì ni tiwa, ìdajì ni tiyín. Ṣọ́ọ̀bù méjì wà níwájú, mo mú ọ̀kan. Àwáwù, kí ni mo jẹ ọ́?"

"Bọ̀dá Jẹ́ẹ́dé, èló lẹ dá?"

"Ṣé owó ni wọ́n fi ń jẹ́ ọmọ ni?"

Àwáwù kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ràmọ́nì, ta ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù kejì?"

Ràmọ́nì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òun ni ó ń gbà á, láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ti mọ̀ nígbà tí Jẹ́ẹ́dé wọlé, ó sì dákẹ́, nítorí ìdajì tí Jẹ́ẹ́dé fi sílẹ̀, tí òun nìkan ń jẹ, ju ìdá kan nínú mẹ́ta tirẹ̀ lọ. Nígbà yìí ni nǹkan já nínú Àwáwù. Ti Jẹ́ẹ́dé kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Orogún ìyá rẹ̀ ni ó bí Jẹ́ẹ́dé, kò retí oyin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràmọ́nì, tí ó pọ̀n!

Mọ́gàjí ránṣẹ́ pe Àdìgún akọ̀wé àti Bàbá Ìyápọ̀ tí ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ náà. Bàbá arúgbó náà ní, "Ràmọ́nì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ni wọ́n ka owó sí mi lọ́wọ́, lójú ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Mi ò rí Jẹ́ẹ́dé níbẹ̀." Àdìgún mú ẹ̀dà rìsíìtì tí ó fi pamọ́ jáde, ó kà á sókè: ọdún 1975. Gbogbo ilé sì mọ̀ pé ọdún 1969 ni wọ́n sin Ògúndèjì.

"Bàbá yín kọ́ ló rà á," ni Mọ́gàjí wí.

Jẹ́ẹ́dé ní, "Bí òun kọ́ ló rà á, kí ni orúkọ rẹ̀ ń wá lórí ìwé? Wọ́n ti fi ta á lọ́rẹ. Ohun tí a bá sì fi ta bàbá lọ́rẹ, ti gbogbo ọmọ ni."

 Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mọ́gàjí wo Àwáwù. "Ìyá Sẹ́fíù, ìwọ lo ní kí wọ́n kọ ọ́. Ṣé o fi ta bàbá rẹ lọ́rẹ, àbí o kàn fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́? Bí o bá fi ta á lọ́rẹ, pín in pẹ̀lú Jẹ́ẹ́dé. Bí o kò bá fi ta á lọ́rẹ, sọ ọ́ lójú wa, kí ẹ kọ ìwé mìíràn, kí o sì yọ orúkọ náà kúrò lára ògiri. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ yín yóò máa jà."

Ràmọ́nì gbé orí sókè nígbà yìí. "Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ pa orúkọ bàbá rẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù?"

Ojú Àwáwù pọ́n. "Ìwọ lo kọ́kọ́ tà á, Ràmọ́nì! Mi ò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Òógùn mi ni."

Wọ́n kọ ìwé náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àdìgún kọ ọ́ pé Àwáwù ni ó ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, Ràmọ́nì ni ó ni ìdá kan. Pé owó ṣọ́ọ̀bù àti yàrá yóò máa tẹ̀lé ìpín bẹ́ẹ̀. Pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i. Pé ẹni tí ó bá fẹ́ jáde, ẹnìkejì ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀. Pé bí ọ̀kan bá kú, ọmọ tirẹ̀ ni ó ni ìpín rẹ̀. Ó kà á fún wọn ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé òun ni òun kọ ọ́. Mọ́gàjí àti Bàbá Ìyápọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Jẹ́ẹ́dé náà tẹ̀ka, bí Mọ́gàjí ti ní kí ó ṣe, pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀, ó sì tutọ́ sílẹ̀ kí ó tó nu íńkì kúrò lọ́wọ́. Ràmọ́nì náà tẹ̀ka.

Ó ku ògiri. Ràmọ́nì ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Bíríkìlà tí ó mọ ọ́n ní òun kì í gbé òòlù lé orúkọ òkú. Àwáwù yá òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èrò gáréèjì dúró, wọ́n ń wò. Ìyàwó Jẹ́ẹ́dé bú u láti ìsàlẹ̀, ó pè é ní apa-orúkọ-bàbá-rẹ́. Àwáwù ń gbẹ́ lẹ́tà náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan lẹ́tà Ò, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú," ó sì lu ú.

Atúnrédíòṣe kó jáde nígbà tí ọdún tí ó san pé. Àwáwù kó aṣọ rẹ̀ wọlé. Ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ìró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ó gbọ́ tí olórí gáréèjì ń júwe ọ̀nà fún àlejò kan tí ó ti Òkèhò wá. Olórí gáréèjì kò mọ̀ pé Àwáwù wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ tààrà. Bí ẹ bá dé ilé tí ọmọ ti fi òòlù lé bàbá rẹ̀ jáde, ẹ yà sí ọ̀tún."

Àwáwù dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀.