Àwọn Àpótí Tó Ń Pa Káàdì

Bọ̀ọ̀dá mi já páálí káàdì tuntun kan, irú èyí tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, lórí tábìlì mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wàhálà ti parí. Gígì mẹ́mórì méjìlá wà lára ti tẹ́lẹ̀, méjìlá wà lára eléyìí. Mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ìran wo ló tún máa pa kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́."

"Ìwọ kàn máa ń bá mi jiyàn ni. Ó yá, tì í bọ inú kọ̀ǹpútà."

Bọ̀ọ̀dá ló ni ilé iṣẹ́ tá a ti ń ṣe fíìmù ọmọdé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Èmi ni mò ń tan iná sínú ìran, èmi náà ni mò ń jẹ́ kí káàdì yà á jáde. Ẹnì kẹta wa ló ń kun awọ, ìyẹn àwòrán tá a fi ń bo ara ògiri, aṣọ àti igi inú fíìmù kí wọ́n lè jọ ojúlówó. Baba Ọ̀dà là ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan ọ̀dà gidi rí.

Ìran ibùdókọ̀ ojú irin ló ń yọ wá lẹ́nu. Iṣẹ́ á máa lọ geerege, àfi tí kámẹ́rà bá ti yíjú sí ibi tí ẹrù àwọn èrò wà. Kíá, sòfúwià á kú, á ní mẹ́mórì káàdì ti kún. Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ ní ooru ni. Mo fi hàn án pé káàdì ò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní èmi ni mo ṣí nǹkan púpọ̀ sílẹ̀. Mo pa gbogbo wọn, ó tún kú. Lánàá ló wá yíjú sí Baba Ọ̀dà, níṣojú oníbàárà wa.

"Iṣẹ́ jákujàku ọwọ́ ẹ ló ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́! Ọ̀lẹ!"

Baba Ọ̀dà gbé báàgì ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Inú bí mi sí Bọ̀ọ̀dá.

Mo ti káàdì tuntun bọ inú kọ̀ǹpútà. Ìran náà kú níbi tó ti máa ń kú gan-an.

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!" ni Bọ̀ọ̀dá bú jáde.

"Kì í ṣe ayédèrú. Sòfúwià wa kì í pín ìran fún káàdì méjì. Odindi ìran ni kálukú wọn máa gbé. Tí ẹrù bá ti wúwo ju agbára ẹnì kan lọ, tí ẹ bá fún ẹnì kejì ní irú ẹ̀ gan-an, àwọn méjèèjì ló máa ṣubú. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wò ó."

Ó jókòó, ó lejú koko.

Mo bọ́ awọ kúrò lára gbogbo nǹkan, ibùdókọ̀ náà di aláwọ̀ eérú látòkè délẹ̀. Ìran náà jáde láìkú, gígì mẹ́ta péré ló sì jẹ. A jẹ́ pé awọ ni. Mo dá ti ògiri àti ilẹ̀ padà, kò kú. Mo dá ti àwọn èrò padà, kò kú. Mo dá ti àpótí ẹrù padà, òǹkà mẹ́mórì fò sókè fìrì, gbogbo ẹ̀ dákú.

Ogún oríṣi àpótí ló wà níbẹ̀, awọ mẹ́ta-mẹ́ta lára kálukú, 8K, ìyẹn ìwọ̀n àwòrán tó tóbi jù tá à ń lò, ni gbogbo wọn. Àfi ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ ọmọ inú fíìmù, ìyókù jìnnà débi pé èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju èékánná lọ lójú kámẹ́rà.

Bọ̀ọ̀dá nàka sí fáìlì kan. "Eléyìí ò tó mẹ́gà mẹ́wàá!"

"Nínú dísìkì nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ká a jọ. Tó bá dé inú káàdì, ṣe ló máa tú u palẹ̀. Ọ̀kan ń gba ìdá mẹ́rin gígì kan. Ọgọ́ta ni wọ́n. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún..." Ojú ẹ̀ tàn. "Ṣó o rí i? Baba Ọ̀dà náà ni!"

Mo dìde. "Bọ̀ọ̀dá! Níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí lẹ ti ní, 'Mi ò fẹ́ rí awọ kékeré kankan, 8K ni kó o fi kun gbogbo ẹ̀.' Ó ní àwọn tó jìnnà ò nílò ẹ̀. Ẹ ní kó má kọ́ yín níṣẹ́. Etígbọ̀ọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀!"

Ó yí àga ẹ̀ padà sí ojú kọ̀ǹpútà.

Mo fi àpótí tó wà lọ́wọ́ ọmọ inú fíìmù sílẹ̀ ní 8K, torí òun ló sún mọ́ kámẹ́rà. Mo sọ ìyókù di 1K tó kéré. Mo pa káàdì tuntun, mo fi ti àtijọ́ nìkan ṣe é. Ìran náà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A yẹ àpótí wọ̀nyẹn wò títí, a ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Bọ̀ọ̀dá wúkọ́. "Ó dáa. Sọ fún Baba Ọ̀dà kó padà wá."

"Èmi kọ́. Ẹnu tẹ́ ẹ fi lé e lọ ni kẹ́ ẹ fi pè é."

Ó wò mí bíi kó gbá mi létí. Èmi náà wò ó padà. Ó fa fóònù yọ.

"Baba Ọ̀dà... èmi ni. Ọ̀rọ̀ àná yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo ń gbọ́ ohùn Baba Ọ̀dà láti inú fóònù. "Ọ̀gá, níṣojú oníbàárà lẹ ti pè mí lọ́lẹ. Ẹ sọ èyí náà níṣojú ẹ̀." Ó pa fóònù.

Bọ̀ọ̀dá di fóònù náà mú síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Lẹ́yìn náà ló wá nọ́ńbà oníbàárà, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́. Mi ò bá a kẹ́dùn. Inú ṣì ń bí mi.