Wákàtí Kan Láàárín Abidjan àti Montréal

Ó ti rẹ Mọ́síùrá débi pé aago ara ògiri ló ń wò, kì í ṣe iṣẹ́. Bí midi, aago méjìlá ọ̀sán, bá ti lù, yóò gbé báàgì, yóò lọ mú ìyá rẹ̀ nílé ní Marcory, wọn yóò sì kọjú sí Bingerville, níbi tí dókítà ojú ti ń retí wọn ní aago kan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ òní. Bó bá fò wọ́n, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ wọn ní Zone 4 ni kí wọ́n máa gbé fóònù àwọn tí asansọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè, há mọ́ nílùú òyìnbó. Paris ń gbé e lóru, Abidjan láàárọ̀, Montréal lọ́sàn-án. Mọ́síùrá ló ń to àkókò gbogbo wọn.

Aago méjìlá lù. Montréal kò yọjú lórí kọ̀ǹpútà. Ó pe Précieux, ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún.

"Allô, Tàntí? Ṣé kò sí o?" Oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀.

"Níbo lẹ wà? Ìlà ti di tiyín."

"Há! Aago méje ni níbí. Mẹ́jọ la ń wọlé."

"Méjìlá tiwa ni mẹ́jọ tiyín!"

"Títí di Sátidé ni. Ìdájí àná la dá aago padà."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dá a padà! Èmi fúnra mi ni mo tún tábìlì ṣe."

"Paris nìyẹn, Tàntí. Àwa fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ̀yìn wọn. Ọ́fíìsì ò sì tíì ṣí."

Mọ́síùrá jókòó padà. Lóòótọ́, nígbà tí Paris yí tiwọn, ó sún ìwọlé Abidjan láti mẹ́fà sí méje, ó ní ó parí. Níbi tí aago kì í ti í yí láti January dé December, Paris ni wọ́n fi ń mọ ti gbogbo òyìnbó. Fún Montréal, "wákàtí mẹ́rin sẹ́yìn" ló kọ, dípò kó yan orúkọ ìlú náà kí kọ̀ǹpútà máa bá a ṣírò.

"Ẹ máa lọ, èmi á jókòó," ni Saliou, baba ọlọ́mọ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, sọ.

"Ìwọ tí wọn ò tíì fún láṣẹ láti dá gbé fóònù? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan há sínú àpótí kó máa pe òfìfo."

Fóònù Mọ́síùrá fúnra rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. "Àbẹ̀kẹ́ mi, mo ti wọ bàtà o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, màmá mi."

Iná pupa tàn lórí ìlà. Obìnrin kan ń sunkún ní Montréal, láàárín àjà kẹrin àti ìkarùn-ún, ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́síùrá pè é ní madame, ó pe oníṣẹ́ fún un, obìnrin náà sì bẹ̀ ẹ́ kó má fi òun sílẹ̀ lórí fóònù. Ó fọwọ́ bo gbohùngbohùn, ó yíjú sí Saliou.

"Saliou, jọ̀ọ́, bá mi mú ìyá mi dé Bingerville."