Ààrò Kò Jẹ̀bi

Bàbá Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ mú ọ̀daràn náà: ààrò búrẹ́dì ni.

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń jò!" ó ń jágbe mọ́ atúnààròṣe. "Ooru ń jáde, ó ń yan ìyàwó mi bíi búrẹ́dì!"

Lóòótọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń jìyà. Ìyá Ààrò ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí búrẹ́dì kan kò jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ooru á kàn gbéra láti àyà rẹ̀, á gba ọrùn gòkè, òógùn á bò ó, kó tó di pé ó nu ojú tán òtútù á tún mú un. Ó ń ṣe é lórí ibùsùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ló máa fẹ̀sùn kan ibùsùn?

Nǹkan oṣù rẹ̀ náà ti di àwátì láti oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì péré ni. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́, ijó ló bẹ́ sí.

"Oyún ni! Ooru oyún ni! Ẹ má bá mi jiyàn!"

Ìyá Ààrò náà jó díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti ń retí ọmọ. Àyẹ̀wò nìkan ni kò bá wọn jó: kò sí oyún.

Lọ́jọ́ tí atúnààròṣe máa pààrọ̀ rọ́bà etí ilẹ̀kùn, wọ́n pa ààrò láti àárọ̀. Ó tutù bí omi àmù. Ìyá Ààrò dúró tì í, ó ń nu agolo búrẹ́dì, àfi gìrì, ooru dé! Òógùn ń kán sínú agolo. Atúnààròṣe wò ó, ó fọwọ́ kan ààrò, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, ẹni yìí kò jẹ̀bi o. Ẹ mú ìyàwó yín lọ rí dókítà."

Dókítà obìnrin kan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kó lè dá a lójú. Lọ́jọ́ èsì, búrẹ́dì wà nínú ààrò, ọkọ rẹ̀ dúró tì í, Ìyá Ààrò bá dá lọ.

"Ilé ẹyin yín ló ti dẹwọ́ iṣẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó," dókítà sọ fún un. "Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí i pé kó ṣiṣẹ́, ó ń pariwo sí i, kò dáhùn. Ìdí nìyẹn tí họ́mónù, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ náà, fi ga nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ti ilé ẹyin sì lọ sílẹ̀. Àìtó rẹ̀ ló ń fa ooru yẹn."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà a kì í rí ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ máa lo họ́mónù tó dín kù yẹn, ó kéré tán títí ẹ ó fi sún mọ́ ọmọ àádọ́ta ọdún. Kì í ṣe torí ooru nìkan, torí egungun àti ọkàn yín ni."

"Ọmọ ńkọ́?"

Dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ilé ẹyin a máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti lóyún bẹ́ẹ̀, wọn ò pọ̀. Ẹ tún lè fi ẹyin obìnrin mìíràn lóyún. Irọ́ ò dáa, ó ṣòro. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò tì pátápátá."

Títí tó fi délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ṣé ọkọ òun yóò ṣì fẹ́ òun?

Ó bá ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, búrẹ́dì mìíràn ti wà nínú ààrò. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Bàbá Ìyẹ̀fun dìde, ó jáde.

Ìyá Ààrò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti lọ nìyẹn. Bóyá àpótí ẹrù òun ló lọ gbé síta. Ó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù ń bà á.

Iwájú ààrò ló bá a, lórí ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ààrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo purọ́ mọ́ yín." Ó bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Mo ti bẹ ẹni àkọ́kọ́. Ó ku ìwọ. Ó yẹ kí n ti bá ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ọmọ ńkọ́?" Ìyá Ààrò bi í.

"Kí n tó ronú ọmọ, ìwọ ni mo fẹ́. Oògùn yẹn, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá ọkọ ti dé lẹ́yìn wọn, ó fa ojú ro. Ìyá Ààrò rò pé àsìkò èébú ti tó. Ooru sì yan àsìkò náà láti gbéra. Màmá wò ó, ó tú ọ̀já tó gbà mọ́ ìdí, ó ṣẹ́ ẹ po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ.

"Ijó tí mo jó yẹn ló ń dùn mí," ó ní. "Ọmọ mi, mo jó lórí ìrora ẹ. Má bínú."

Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, kó tó dáwọ́ dúró, ó gbọ́ òórùn. "Kí ló ń rùn?"

Búrẹ́dì! Bàbá Ìyẹ̀fun fò sókè. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí èédú.

Ìyá Ààrò wò ó, ẹ̀rín gbá a mú títí tó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìgbà àkọ́kọ́ rèé," ó ní.

"Ààrò ló jẹ̀bi," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì ń họ ibi tó jóná kúrò lára búrẹ́dì kan kó lè fún un ní àárín rẹ̀.